Bí A Ti Í Gé Ìwàásù Ìṣẹ́jú 40 sí Ègé Márùn-ún tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Wọn Pé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe lórí bí a ti í wàásù. Ó jẹ́ lórí ohun tí à ń ṣe sí ìwàásù lẹ́yìn tí oníwàásù bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìwàásù. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ń ya ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi sínú fídíò. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ a sì máa gé e sí wẹ́wẹ́, kí àwọn ènìyàn lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù. Ìyá tí ó jókòó ti ẹja rẹ̀ ní Ọjà Olúwo, ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, kò ní ìṣẹ́jú 40 tí yóò fi tẹ́tí sí ìwàásù títí ọjà yóò fi tú. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kan bá lọ tí èkejì kò ì tíì dé, ó ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn tí ó ni ojú ìwé tí a ń fi fídíò wọ̀nyí sí pàápàá ti pa ààlà fún wa. Fún ìgbà pípẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni WhatsApp fi ààyè gbà fún fídíò kan ní ibi tí a ń pè ní Status, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan ní ọdún 2024. Ní oṣù October ọdún 2024 kan náà ni YouTube sọ ìwọ̀n fídíò kúkúrú tirẹ̀ di ìṣẹ́jú 3, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan ni tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gé ìwàásù, kí ó gbèrò ègé tí kò kúrú ju ìṣẹ́jú kan lọ púpọ̀, tí kò sì gùn ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Bí a bá gé márùn-ún irú rẹ̀ láti inú ìwàásù ìṣẹ́jú 40, gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 tàbí 7 lọ. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe pípín ìwàásù sí ọ̀nà márùn-ún. Yíyàn ni. Ìdá márùn-ún nínú ìdá mẹ́fà ìwàásù náà ni a óò fi sílẹ̀ láìlò.

Ǹjẹ́ kí ni a ń pè ní ègé tí ó pé? Ohun méjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni pé kí ẹni tí kò sí nínú ìsìn lè gbọ́ ọ, kí ó mọ ohun tí a sọ, kí ó mọ ìdí rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí ó kàn án láti ṣe. Èkejì ni pé kí ègé náà má ṣe sọ ohun tí odindi ìwàásù kò sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lépa ti èkíní, wọn kò sì ka ti èkejì sí. Bẹ́ẹ̀ ni ti èkejì yìí ni ó lè ba orúkọ oníwàásù jẹ́, tí ó sì lè ṣi ọkàn olùgbọ́ lọ́nà.

Ewu yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1551 ni Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Faransé, tẹ Májẹ̀mú Titun tí ó fi nọ́ńbà sí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún ènìyàn láti yọ ẹsẹ kan ṣoṣo kúrò láàrin àwọn arákùnrin rẹ̀. Ẹ ṣí Sáàmù kẹrìnlá. Nínú ẹsẹ kìíní rẹ̀ ni ẹ óò ti rí ọ̀rọ̀ tí ó sọ pé Ọlọ́run kò sí. Ṣùgbọ́n onísáàmù kọ́ ni ó wí bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, òmùgọ̀ ni ó ń wí i nínú ọkàn rẹ̀. Bí a bá gé ibi tí a ti dárúkọ òmùgọ̀ náà kúrò, a ti sọ Ìwé Mímọ́ di ẹlẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi lẹ́tà kan kún un. Ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe sí ẹsẹ kan, ó lè ṣe é sí ìwàásù.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé yín, ẹ jẹ́ kí a mú ìwàásù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a rò pé oníwàásù kan mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú Ìhìn Rere Lúùkù orí 5, níbi tí Símónì Pétérù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi gbogbo òru ṣe làálàá tí wọn kò rí ẹja kankan mú. Ìṣẹ́jú 4 àkọ́kọ́ lọ sí orí ìkíni àti àdúrà. Láti ìṣẹ́jú 4 sí 9, ó ka Ìwé Mímọ́, ó sì sọ ìtàn náà. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun márùn-ún. Ó ní àwọ̀n òfo kì í ṣe ẹ̀rí pé apẹja náà dẹ́ṣẹ̀. Ó ní àwọn ọkùnrin náà ń fọ àwọ̀n wọn lẹ́yìn òfo, èyí tí í ṣe ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ó dá àwọn tí wọ́n lè sọ pé kí ni ọmọ káfíńtà mọ̀ nípa ẹja lóhùn. Ó sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ kejì tí a ké sí láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìparí, ó sọ bí wọ́n ti fi ohun gbogbo sílẹ̀ láti tẹ̀lé Jésù.

Ẹ má ṣe mú ọ̀bẹ ní ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù náà. Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú gègé àti ìwé lọ́wọ́. Ẹ pín ojú ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá kìíní, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí ó sọ ní gbólóhùn kan. Ní apá kẹta, ẹ kọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbára lé, èyíinì ni ohunkóhun tí ó ti sọ ṣáájú tàbí tí ó sọ lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ yìí kò lè dá dúró láìsí i. Apá kẹta yìí ni ó ń gba ènìyàn là. Ọ̀rọ̀ tí apá kẹta rẹ̀ bá ṣófo ni ó ṣe é gé. Ọ̀rọ̀ tí apá kẹta rẹ̀ bá kún kò ṣe é gé, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Nínú ìwàásù wa yìí, ègé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 àti àáyá 20, ó sì parí ní ìṣẹ́jú 11 àti àáyá 35. Oníwàásù wí níbẹ̀ pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n mọ ibú àti òru, síbẹ̀ wọn kò mú nǹkan. Ó ní kí ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà má ṣe gbà fún ẹni tí ń sọ fún un pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ìpìlẹ̀, ó ní ìdí, ó sì ní ohun tí olùgbọ́ yóò ṣe. Ó dàbí ẹni pé a lè gé e bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Oníwàásù wí pé, “Ó ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru.” Ta ni “ó”? Àwọn tí wọ́n wà nínú ìsìn mọ̀ pé Pétérù ni, nítorí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìtàn náà tán ni. Ẹni tí ó wà lọ́jà kò mọ̀.

Èyí jẹ́ ìṣòro tí ó wọ inú èdè wa jinlẹ̀. “Ó” wa lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ Olúwa, ó lè jẹ́ ẹja pàápàá. Bí oníwàásù bá wí pé, “Ó sọ fún un pé kí ó tún padà sí ibú,” olùgbọ́ tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò lè mọ ẹni tí ń pàṣẹ yàtọ̀ sí ẹni tí a pàṣẹ fún. Nítorí náà, ẹ ka gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá “ó,” “wọ́n,” “un” àti “èyí” nínú wọn. Bí orúkọ ẹni tí wọ́n dúró fún kò bá sí nínú ègé náà, ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn títí ẹ óò fi bá orúkọ náà. Bí ó bá jìnnà jù, ẹ fi ìlà kan kọ ọ́ sí ojú fídíò: “Lúùkù 5: Símónì Pétérù kò rí ẹja mú ní gbogbo òru.” Ohun tí a kọ kì í ṣe ohùn oníwàásù, ẹni tí ó rí i yóò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún “nítorí náà,” “gẹ́gẹ́ bí mo ti wí,” àti “ohun kejì.” Ọ̀rọ̀ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí ń wo ẹ̀yìn, ó sì ń sọ fún olùgbọ́ pé ó ti pẹ́ kí ó tó dé.

Ègé kejì, tí ó dá lórí fífọ àwọ̀n, láti ìṣẹ́jú 17 àti àáyá 5 dé ìṣẹ́jú 18 àti àáyá 10, kò ní ìṣòro kan. Ègé kẹrin náà, lórí ọkọ̀ kejì, láti ìṣẹ́jú 30 àti àáyá 15 dé ìṣẹ́jú 31 àti àáyá 20, dá dúró fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ó ké sí ẹnì kejì nígbà tí ẹrù wúwo jù fún un kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ègé kẹta àti ìkarùn-ún, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ní ìṣẹ́jú 23 àti àáyá 40, oníwàásù gbé ohùn alátakò wọ̀. Ó wí pé, “Kí ni ọmọ káfíńtà mọ̀ nípa ẹja? Ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí, kí ni yóò kọ́ apẹja?” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, gbogbo ìjọ sì rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn rẹ̀ kò dé títí di ìṣẹ́jú 24 àti àáyá 30, níbi tí ó ti sọ pé Pétérù mọ ẹja ju àti wí lọ, síbẹ̀ ó sọ àwọ̀n náà nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó pàṣẹ. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń wá ibi tí ìjọ ti rẹ́rìn-ín yóò yára gé àáyá 50 àkọ́kọ́. Ohun tí yóò sì tàn ká ni pé oníwàásù kan ń fi Olúwa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí àga ìwàásù. Ẹ jẹ́ kí ègé yìí gùn dé ìṣẹ́jú 25 àti àáyá 10, kí ìdáhùn náà lè parí. Bí ààlà àkókò kò bá gba ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀, ẹ gé ìdáhùn nìkan, kí ẹ sì kọ ìbéèrè sí ojú fídíò. Ẹ má ṣe gé ìbéèrè nìkan láéláé.

Ègé karùn-ún ni ó ṣòro jù. Láti ìṣẹ́jú 35 àti àáyá 30 dé ìṣẹ́jú 36 àti àáyá 40, oníwàásù fi agbára sọ̀rọ̀ pé àwọn ọkùnrin náà fi ọkọ̀, àwọ̀n àti ẹja ọjọ́ náà sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ìjọ pé kí ni ìwọ kò lè fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí nìkan lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú 38 àti àáyá 5, lẹ́yìn orin kan, oníwàásù rọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a pè láti fi òwò sílẹ̀, àti pé ẹni tí ó ní ọmọ láti bọ́ kò gbọdọ̀ fi orúkọ Ọlọ́run sá fún iṣẹ́. Àáyá 20 ni ọ̀rọ̀ yìí gbà. Láìsí i, ègé náà ń dún bí òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí oníwàásù náà wí.

Kí ni kí a ṣe? A lè so ibi méjèèjì pọ̀, àáyá 70 àti àáyá 20, kí ó di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ so ó lọ́nà tí yóò fi dàbí ẹni pé ó sọ ọ́ ní èémí kan. Ẹ jẹ́ kí ojú fídíò ṣókùnkùn díẹ̀ láàrin wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Lẹ́yìn èyí, ó tún wí pé.” Ìyàtọ̀ wà láàrin kí a yọ ikọ́, ìdákẹ́jẹ́ gígùn tàbí “Ẹ yin Olúwa” kúrò, àti kí a mú gbólóhùn kan láti ìṣẹ́jú 8 kí a fi lẹ gbólóhùn ìṣẹ́jú 31. Ti àkọ́kọ́ ń gba àkókò olùgbọ́ là. Ti èkejì ń dá ìwàásù tí ẹnikẹ́ni kò wà rí. Ẹ lè fi etí mọ irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn duru tí ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ yóò fò, ohùn oníwàásù tí ó ti ń lọ sókè yóò ṣàdédé wálẹ̀, tàbí kí èémí kan gé sí méjì.

Ẹ kíyè sí ẹnu ọ̀bẹ pẹ̀lú. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kékeré bíi “kò” àti “kì í” ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni di bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni ó sì máa ń wà nígbà púpọ̀. Bí ọ̀bẹ bá sún mọ́ ọn jù tí ó sì jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò yí orí padà tàbí kí ó di ohun tí kò ní ìtumọ̀. Ẹ fi bí ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Níbi tí ògbufọ̀ bá wà, tí oníwàásù ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ògbufọ̀ sì ń sọ Yorùbá, ìṣẹ́jú 40 náà kò ju 20 lọ ní ti ọ̀rọ̀. A lè yọ èdè kan kúrò kí ègé lè kúrú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èdè méjèèjì. Ní ìgbà mìíràn, ohun tí oníwàásù sọ ní ààbọ̀ ni ògbufọ̀ parí.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí ìsàlẹ̀ fídíò. Ariwo ọjà kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn fóònù dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ka ìwàásù yìí ju àwọn tí yóò gbọ́ ọ lọ. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́, kí ẹ sì fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ wo ègé karùn-ún wa. Bí a bá kọ ọ́ láìní àmì pé “won fi oko won sile,” ẹnì kan lè kà á pé wọ́n fi oko wọn sílẹ̀, ẹlòmíràn pé wọ́n fi ọkọ́ wọn sílẹ̀. Obìnrin tí ilé rẹ̀ kò fara rọ lè kà á pé wọ́n fi ọkọ wọn sílẹ̀. Ọkọ̀ ni oníwàásù wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni “awon” lè jẹ́ àwọ̀n tí a fi ń pẹja, ó sì lè jẹ́ àwọn ènìyàn.

Nígbà tí ègé márùn-ún bá ti wà nílẹ̀, ìdánwò mẹ́ta ni ó kù. Èkíní, ẹ fi ègé kọ̀ọ̀kan han ẹni tí kò sí nínú ìsìn, láìsọ ohunkóhun fún un, kí ẹ sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ ní gbólóhùn kan. Bí ó bá kọ́kọ́ béèrè pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ègé náà kò tíì pé. Èkejì, ẹ padà sí odindi ìwàásù, kí ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú 3 tí ó ṣáájú ègé náà àti ìṣẹ́jú 3 tí ó tẹ̀lé e. Bí ohun kan níbẹ̀ bá yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, ẹ mú un wọlé tàbí kí ẹ fi ègé náà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ fi han oníwàásù fúnra rẹ̀ kí ó tó jáde. Charles Spurgeon, oníwàásù ìlú London, tí ìwàásù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní títẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún 1855, a máa jókòó ní ọjọ́ Ajé láti tún ohun tí akọ̀wé ti kọ sílẹ̀ ṣe, kí ó tó lọ sí ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Bí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀ kò bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láìtún un wò, kò yẹ kí a rán ti àwọn alàgbà wa jáde láìfi hàn wọ́n.

Ẹnì kan yóò béèrè pé, bí ègé márùn-ún kò bá sí nínú ìwàásù náà ńkọ́? Òótọ́ ni pé irú rẹ̀ wà. Oníwàásù mìíràn a máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ka orí ara wọn bí ẹni ń mọ ògiri, ìpele kan lórí èkejì, tí ó fi jẹ́ pé kò sí èyí tí ó lè dúró láìsí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ yóò kún apá kẹta ojú ìwé yín láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ má ṣe fi agbára gé e. Ẹ mú ègé méjì tí ó bá pé, tàbí kí ẹ bẹ oníwàásù kí ó dúró níwájú ẹ̀rọ lẹ́yìn ìsìn, kí ó sọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ègé méjì tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju márùn-ún tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbọ̀ lọ.

Ẹ má sì ṣe kọ “apá kejì” tàbí “apá kẹta” sí ara wọn, nítorí ìyá tí ó wà ní Ọjà Olúwo lè má rí ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹni tí ó bá ra ègé ẹja àrọ̀ kan lọ sílé kò ní orí àti ìrù rẹ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ lè fi ègé náà se ọbẹ̀. Ẹ kọ Ìwé Mímọ́ tí a kà, orúkọ oníwàásù, ọjọ́ tí ó wàásù, àti ibi tí odindi ìwàásù wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá mú lọ́kàn yóò lọ síbẹ̀ gbọ́ ọ ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lọ, ohun tí oníwàásù wí gan-an ni yóò ti gbọ́.